Ẹ̀yà àti èdè àwọn olùgbé Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Ẹ̀yà àti èdè àwọn olùgbé Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, ní Ìpínlẹ̀ Èkó lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà, jẹ́ kókó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí, ṣùgbọ́n tí kò sí iye kankan láti ọwọ́ ìjọba tó lè fìdí ọ̀rọ̀ wọn múlẹ̀. Nínú àwọn ìkànìyàn Nàìjíríà tí èsì wọn dúró, ti ọdún 1963 ni ó béèrè ẹ̀yà ènìyàn kẹ́yìn. Ìkànìyàn ọdún 1991 àti ti 2006 kò béèrè rẹ̀, wọn kò sì béèrè èdè tí ènìyàn ń sọ nínú ilé. Nítorí náà, bí a bá kà á níbì kan pé ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Ajégúnlẹ̀ jẹ́ Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ̀ tàbí Ùróbò, àbá ni, tí ẹnìkan dá láti inú ohun mìíràn. Àyọkà yìí ṣàlàyé ibi tí irú àbá bẹ́ẹ̀ ti ń wá, àti ìdí tí ìbéèrè ìkànìyàn, bí wọ́n tilẹ̀ béèrè rẹ̀, kò fi lè mú ìdáhùn kan ṣoṣo wá.

Ibùgbé àti ààlà

Àpápá ni èbúté ọkọ̀ ojú omi tó wà ní ìwọ̀-oòrùn ọ̀sà Èkó. Ìjọba amúnisìn parí èbúté àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní ọdún 1926, wọ́n sì mú un gbòòrò ní àwọn ọdún 1950. Ajégúnlẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orúkọ náà túmọ̀ sí pé ajé ti gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ilẹ̀ Àwórì ni gbogbo agbègbè yìí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ èbúté, iṣẹ́ rélùwéè àti àwọn iléeṣẹ́ ńlá Àpápá ló fa àwọn àlejò wá láti gbogbo ìhà Nàìjíríà. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká ilé Àpápá, Ajégúnlẹ̀ ló ń háyà yàrá sí.

Ohun àkọ́kọ́ tó ń da àwọn tó ń wá iye olùgbé láàmú ni ààlà. Ajégúnlẹ̀ kì í ṣe ìjọba ìbílẹ̀. Inú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ajéròmí-Ìfẹ́lódùn ni ó wà, pẹ̀lú àwọn àdúgbò bíi Amùkòkò, Tolú àti Olódì Àpápá. Olódì Àpápá ń jẹ́ Àpápá lórúkọ, ọ̀pọ̀ ará Ajégúnlẹ̀ sì máa ń kọ Àpápá sínú àdírẹ́sì wọn, síbẹ̀ kò sí ọ̀kan nínú wọn nínú iye tí ìkànìyàn kọ sílẹ̀ fún Ìjọba Ìbílẹ̀ Àpápá. Ní ọ̀nà kejì, Ìjọra àti Badíà, tí ìgbé ayé ibẹ̀ jọ ti Ajégúnlẹ̀ ju ti àwọn ilé ńlá Àpápá lọ, wà nínú Ìjọba Ìbílẹ̀ Àpápá. Ẹni tó bá fi iye Àpápá lásán ṣe àpèjúwe èbúté àti àwọn ọlọ́rọ̀ rẹ̀ ti kó àwọn òtòṣì Badíà mọ́ ọn láìmọ̀.

Ààlà yìí kì í sì í ṣe ti àtijọ́. Nígbà ìkànìyàn ọdún 1963, Àpápá wà lábẹ́ olú-ìlú ìjọba àpapọ̀, nígbà tí Ajégúnlẹ̀ wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ọdún 1967, tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, ni àwọn méjèèjì tó bọ́ sábẹ́ ìjọba kan náà. Iye 665,246 tí ìkànìyàn 1963 kọ fún ìlú Èkó kò kan Ajégúnlẹ̀ rárá. Bí ẹnìkan bá fẹ́ fi ẹ̀yà tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún Èkó ní 1963 wé ohun tó wà ní Ajégúnlẹ̀ lónìí, ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń fi wéra.

Àwọn tó ń gbé ibẹ̀

Ohun tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ ni pé ẹ̀yà púpọ̀ ló ń gbé Ajégúnlẹ̀. Yàtọ̀ sí Àwórì àti àwọn Yorùbá mìíràn, a rí Ìlàjẹ láti etí òkun Òǹdó, Ègùn láti Àgbádárìgì àti orílẹ̀-èdè Benin, Ìjọ̀, Ùróbò, Ìsókò àti Ìṣẹ̀kírì láti agbègbè Niger Delta, Ìgbò, Ẹdó, Ẹ́fíìkì àti Haúsá. Margaret Peil, onímọ̀ nípa àwùjọ, ṣe ìwádìí láti ilé dé ilé ní Ajégúnlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó sì kó èsì rẹ̀ sínú ìwé tó ṣe lórí ìgbé ayé ìlú ńlá ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó jáde ní 1981. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ béèrè ohun tí ìkànìyàn kì í béèrè, ṣùgbọ́n iye ènìyàn tí ó lè dé ọ̀dọ̀ wọn kéré, àwọn tó sì bá pàdé nígbà náà kọ́ ni wọ́n wà níbẹ̀ nísinsìnyí.

Èdè tó so wọ́n pọ̀ ni Pijin. Òun ni a ń gbọ́ ní ojúde àwọn ilé tí yàrá wọn kọjú síra, ní ọjà Bọ́ńdírì, àti nínú orin gàlálà tí Daddy Showkey àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi sọ Ajégúnlẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní àwọn ọdún 1990. Yorùbá náà gbilẹ̀ níbẹ̀, pàápàá nínú ọjà àti ọkọ̀ èrò. Bí èdè méjèèjì ṣe gbilẹ̀ tó kò sí nínú ìwé ìjọba kankan.

Ohun tí ìkànìyàn béèrè àti ohun tí wọ́n yọ kúrò

Ìkànìyàn ọdún 1952 sí 1953, tí àwọn amúnisìn ṣe ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan, kọ ẹ̀yà ènìyàn sílẹ̀. Ti 1962 dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ẹkùn, wọ́n fagi lé e, wọ́n sì tún òmíràn ṣe ní oṣù Kọkànlá ọdún 1963. Ti 1973 náà kò dúró: ìjọba Múrítàlá Mùhámọ́ọ̀dù kọ èsì rẹ̀ ní 1975. Ìdí ìjà náà kò ṣòro láti rí. Orí iye ènìyàn ni wọ́n ń gbé pípín owó ìjọba àpapọ̀ àti ìjókòó nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lé, nítorí náà, ẹ̀yà tó bá pọ̀ jù nínú ìwé ní ohun tí yóò rí gbà. Nígbà tí wọ́n ń múra fún ìkànìyàn 1991, wọ́n yọ ìbéèrè ẹ̀yà àti ti ẹ̀sìn kúrò kí ìkànìyàn náà lè ṣeé ṣe. Ti 2006 tẹ̀lé ìlànà kan náà. Ohun tó sún mọ́ èdè jù nínú ti 2006 ni ìbéèrè nípa ìmọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà, ìyẹn bóyá ènìyàn lè kà kí ó sì kọ ní èdè èyíkéyìí. Ẹni tó ka Bíbélì Ìsókò àti ẹni tó ka ìwé ìròyìn Yorùbá yóò fún un ní ìdáhùn kan náà.

Ní Ajégúnlẹ̀, ìbẹ̀rù tó wà nídìí yíyọ náà kì í ṣe àsọdùn. Ní ìparí ọdún 1999, ìjà bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ Ìjọ̀ àti Yorùbá, lẹ́yìn tí Ìlàjẹ àti Ìjọ̀ ti ń bá ara wọn jà ní etí omi Òǹdó. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2000, òmíràn ṣẹlẹ̀ láàárín Yorùbá àti Haúsá. Ẹ̀mí ṣòfò nínú méjèèjì. Ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣojú rẹ̀ lè rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó sọ ẹ̀yà rẹ̀ fún àjèjì tó mú ìwé àti kálàmù dání, àwọn tó bá sì kọ̀ láti dáhùn kì í pọ̀ bákan náà nínú gbogbo ẹ̀yà. Àìdọ́gba yìí ló ń ba èsì jẹ́ ju kíkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ.

Iye ènìyàn fúnra rẹ̀

Kí a tó lè sọ pé ìdá báyìí jẹ́ Ìjọ̀, a ní láti mọ iye gbogbo wọn. Èyí náà kò dájú. Àjọ Ìkànìyàn ti ìjọba àpapọ̀ kọ 217,362 sílẹ̀ fún Ìjọba Ìbílẹ̀ Àpápá àti 684,105 fún Ajéròmí-Ìfẹ́lódùn ní 2006. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, tó ṣe ìkànìyàn tirẹ̀ ní àkókò kan náà, kọ 522,384 àti 1,435,295. Àlàfo tó wà láàárín iye méjèèjì fún Ajéròmí-Ìfẹ́lódùn ju 750,000 lọ, ìyẹn ni pé àwọn tí ìjọba kan rí tí èkejì kò rí pọ̀ ju gbogbo àwọn tí ìjọba àpapọ̀ kà níbẹ̀ lọ.

Àlàfo náà kan ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ní tààrà. Ibi tí ènìyàn bá wà ní ọjọ́ ìkànìyàn ni wọ́n ti kà á ní 2006. Bí àwọn kan láti ẹ̀yà kan bá padà sí ìlú wọn kí wọ́n lè kà wọ́n síbẹ̀, ẹ̀yà náà yóò dín kù ní Ajégúnlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kó kúrò. Bí àwọn tí wọn kò kà bá sì jẹ́ àwọn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ omi, Ìlàjẹ, Ègùn àti Ìjọ̀ ni yóò pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí ìjọba wó apá kan Badíà ní oṣù Kejì ọdún 2013, ẹgbẹ́ Amnesty International sọ pé àwọn tó pàdánù ibùgbé wọn sún mọ́ 9,000. Kò sí ìkànìyàn kankan láti ìgbà náà tó lè sọ ibi tí wọ́n kó lọ.

Àwọn ohun tí a fi ń rọ́pò

Níwọ̀n bí ìkànìyàn kò ti sọ nǹkan kan, àwọn òǹkọ̀wé máa ń lo ohun mìíràn. Èyí tó lágbára jù ni ìwádìí orílẹ̀-èdè lórí ìbí àti ìlera, tí a máa ń ṣe ní ọdún mélòó kan síra. Ó ń béèrè ẹ̀yà, ó sì ń kọ èdè abínibí ẹni tó dáhùn àti èdè tí wọ́n fi bi í ní ìbéèrè sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò ṣe é fún ìjọba ìbílẹ̀. Ti ọdún 2018 ṣa nǹkan bí 1,400 àdúgbò kéékèèké jákèjádò Nàìjíríà, 30 ìdílé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá pín wọn dọ́gba fún ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá, ìpínlẹ̀ kan kò ní rí 40 gbà. Èkó ní ìjọba ìbílẹ̀ 20, nítorí náà nǹkan bí àdúgbò méjì ni yóò kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdílé 60 ni ẹni tó bá fi èyí ṣírò ẹ̀yà Ajéròmí-Ìfẹ́lódùn ń gbára lé. Kí a má bàa dá àwọn tó dáhùn mọ̀, wọ́n tún máa ń mọ̀ọ́mọ̀ sún àmì ibi tí àdúgbò kọ̀ọ̀kan wà lórí máàpù, tó lè tó kìlómítà méjì nínú ìlú. Kìlómítà méjì láti àárín Ajégúnlẹ̀ lè gbé ènìyàn dé Àpápá tàbí Kirikírì. Nínú ìròyìn tí wọ́n sì tẹ̀ jáde, orúkọ ẹ̀yà bíi mẹ́wàá péré ló máa ń hàn. Ìjọ̀, Ìgbò, Haúsá àti Yorùbá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ùróbò, Ìsókò, Ìṣẹ̀kírì àti Ègùn wà lábẹ́ “àwọn mìíràn”. Ní Ajégúnlẹ̀, “àwọn mìíràn” kì í ṣe ìyókù díẹ̀. Ó lè jẹ́ apá tó tóbi.

Àwọn mìíràn a máa lo ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ti wá. Èyí kò sàn jù. Ẹni tó bá ní Dẹ́ltà ni òun ti wá lè jẹ́ Ùróbò, Ìsókò, Ìṣẹ̀kírì, Ìjọ̀ tàbí Ìgbò. Ẹni tó bá ní Òǹdó lè jẹ́ Ìlàjẹ tàbí Ìjọ̀ Àrógbò, ìyẹn gan-an àwọn méjèèjì tí ìjà wọn dé Ajégúnlẹ̀ ní 1999.

Èsì ìbò náà wà nínú ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí. Ní 2015, Rita Orji, ọmọ Ìgbò, borí ìdìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin fún ẹkùn Ajéròmí-Ìfẹ́lódùn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fi èyí ṣe ẹ̀rí pé Ìgbò ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ohun tí èsì náà fi hàn ni iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀, tó jáde, tó sì dìbò fún ẹgbẹ́ òṣèlú kan lọ́jọ́ náà. Kò sí ibi tí ìwé ìdìbò ti béèrè ẹ̀yà.

Bí ìbéèrè ṣe ń yí ìdáhùn padà

Ká ní ìkànìyàn béèrè. Kí ni yóò rí? Ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ fún ìkànìyàn ya ìbéèrè mẹ́ta sọ́tọ̀ lórí èdè: èdè abínibí, ìyẹn èdè tí wọ́n ń sọ nínú ilé nígbà tí ènìyàn wà lọ́mọdé, èdè tí ó ń sọ jù nínú ilé nísinsìnyí, àti èdè tí ó lè sọ. Ìdílé kan tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, tí irú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní Ajégúnlẹ̀, yóò fi ìyàtọ̀ wọn hàn.

Ènìyàn 8 ló wà nínú ìdílé náà. Bàbá jẹ́ Ùróbò tó dàgbà sí Ugheli. Ìyá rẹ̀, tó ti darúgbó, ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, kò sì gbọ́ èdè mìíràn ju Ùróbò àti Pijin díẹ̀ lọ. Ìyàwó jẹ́ Ìlàjẹ, àbúrò rẹ̀ obìnrin sì wà lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀. Pijin ni wọ́n fi tọ́ wọn, wọ́n gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n àkọ́bí nìkan ló lè bá ìyá àgbà sọ Ùróbò. Ẹni kẹjọ jẹ́ ọmọ Ègùn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá náà. Pijin ni gbogbo wọn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, àfi ìyá àgbà, tó ń sọ Ùróbò, tí bàbá sì ń fi í dá a lóhùn.

Bí a bá béèrè ẹ̀yà lọ́wọ́ bàbá, yóò ka àwọn ọmọ mọ́ ti ara rẹ̀: Ùróbò 5, Yorùbá 2, Ègùn 1. Bí a bá béèrè èdè abínibí gẹ́gẹ́ bí ìlànà ti wí, yóò di Ùróbò 2, Yorùbá 2, Ègùn 1, Pijin 3. Bí ó bá jẹ́ èdè tí wọ́n ń sọ jù nínú ilé, Pijin 7, Ùróbò 1. Bí ó bá jẹ́ èdè tí wọ́n lè sọ, àwọn 7 ló gbọ́ Yorùbá, àwọn 3 péré ló gbọ́ Ùróbò. Nínú ilé kan náà, lọ́jọ́ kan náà, Yorùbá jẹ́ 2, tàbí òdo, tàbí 7 nínú 8. Kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ nínú wọn.

Èyí rí bẹ́ẹ̀ bí akànìyàn bá béèrè lọ́nà tó tọ́. Ní ìṣe, ẹnìkan ṣoṣo ló sábà máa ń dáhùn fún gbogbo ilé. Bí ó bá jẹ́ ìyàwó ló wà nílé, ó lè pe àwọn ọmọ ní Yorùbá. Bí ó bá jẹ́ bàbá, ó lè sọ pé Ùróbò ni èdè abínibí wọn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé èdè bàbá ni èdè ọmọ, yálà ọmọ gbọ́ ọ tàbí kò gbọ́ ọ. Pijin ni irú ìdáhùn yìí máa ń bò mọ́lẹ̀ jù, nítorí ọ̀pọ̀ kò kà á sí èdè tí ènìyàn lè pè ní tirẹ̀. Ọ̀nà tí a lè gbà mọ̀ ni kí a fi èdè abínibí wé èdè inú ilé ní ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan: bí gbogbo ọmọ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀ bá ní èdè abínibí kan náà pẹ̀lú bàbá wọn, ẹ̀yà ni wọ́n dáhùn, kì í ṣe èdè.

Iye ibi tí a lè kọ ìdáhùn sí tún ṣe pàtàkì. Ní Íńgílándì àti Wélíìsì, láti ọdún 2011, ìkànìyàn ń béèrè olórí èdè ènìyàn. Ẹni tó bá mú èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò ní béèrè òmíràn lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà Yorùbá tó ń sọ èdè méjèèjì nílé rẹ̀ ní Peckham kò ní hàn nínú iye àwọn tó ń sọ Yorùbá. Bí a bá gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wá sí Ajégúnlẹ̀, níbi tí èdè mẹ́ta lójúmọ́ kò jọ ẹnikẹ́ni lójú, ohun tí yóò sọnù yóò pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dáhùn

Ìdáhùn tí ènìyàn fi ẹnu sọ kọ́ ni a ń rí nínú àtẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì ní láti pín wọn sí abẹ́ orúkọ tí wọ́n fọwọ́ sí. Íńdíà fi bí iṣẹ́ yìí ti tó hàn: ní ìkànìyàn 2011, orúkọ èdè abínibí tí àwọn ènìyàn pè jẹ́ 19,569, àwọn onímọ̀ èdè sì dín wọn kù sí 1,369.

Ìpinnu tí wọn yóò ṣe fún Ajégúnlẹ̀ kò rọrùn. Ìlàjẹ ń sọ ẹ̀ka èdè Yorùbá, ọ̀pọ̀ wọn sì gbà pé Yorùbá ni àwọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní Ìlàjẹ lè fẹ́ kí a kọ Ìlàjẹ. Èdè Ìṣẹ̀kírì jẹ́ ìbátan Yorùbá, síbẹ̀ ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Àwọn Àpọ́ì láti Òǹdó ka ara wọn sí Ìjọ̀, ẹ̀ka èdè Yorùbá ni wọ́n sì ń sọ: nínú àtẹ ẹ̀yà wọn yóò wà lábẹ́ Ìjọ̀, nínú àtẹ èdè lábẹ́ Yorùbá. Àwọn Ukwuání láti Dẹ́ltà ń bá ara wọn jiyàn lórí bóyá Ìgbò ni àwọn. Ní òdìkejì, “Haúsá” lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará Èkó jẹ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti òkè ọya wá. Akànìyàn tó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìbéèrè ti sọ Fúlàní tàbí Núpé di Haúsá.

Orílẹ̀-èdè Benin, tó pín ààlà pẹ̀lú àwọn Ègùn Àgbádárìgì, kò yọ ìbéèrè náà. Ìkànìyàn rẹ̀ ti 2013 kọ ẹ̀yà sílẹ̀, ó sì fi Yorùbá àti àwọn tó tan mọ́ wọn sí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Iye yẹn náà dúró lórí àkójọpọ̀, nítorí lábẹ́ orúkọ kan ni wọ́n kó àwọn ẹ̀ka bíi Nàgó àti Ìdàáṣà sí.

Ìkànìyàn tuntun tí Nàìjíríà fi sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Mùhámmádù Bùhárí sún síwájú ní ìparí oṣù Kẹrin ọdún náà, ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Iye ọdún 2006, tí kò ní ẹ̀yà tàbí èdè nínú, ni wọ́n ṣì fi ń ṣírò iye àwọn olùgbé Àpápá àti Ajéròmí-Ìfẹ́lódùn.